Nígbà Tí Ìwé Òfin Fásitì Bá Ń Ṣàwàdà

Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí fásitì máa ń há fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan. Ọ́fíìsì rẹ́jísítírà ló ń kó òfin ìdánwò wọ inú rẹ̀ bí Sẹ́nétì ṣe fọwọ́ sí i. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ti họ́sítẹ́ẹ̀lì, ilé ìkàwé a mú tirẹ̀ wá, ilé ìwòsàn náà a fi díẹ̀ kún un. Wọ́n á lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ra, ó di ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Abájọ tí ojú ewé kan fi ń sọ̀rọ̀ bí adájọ́, tí èyí tó tẹ̀ lé e á máa sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n tó ń gba àbúrò lálejò.

Bó bá jẹ́ ẹwà ìwé nìkan ni èyí ń bà jẹ́, n kò ní fi í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ibi tí wàhálà wà ni pé gbólóhùn ìtàkúrọ̀sọ lè ṣòfin láìmọ̀, ó sì lè tú òfin tó ti wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ wíwá sí kíláàsì. Ní ọ̀pọ̀ fásitì Nàìjíríà, ẹni tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ kan kò ní ṣe ìdánwò rẹ̀. Ká ní ojú ewé 12 sọ pé: “Olùdíje tí wíwá rẹ̀ kò bá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, a kò ní gbà á láyè láti ṣe ìdánwò.” Ká tún ní ojú ewé 41 sọ pé: “Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbìyànjú kí ẹ máa yọjú sí kíláàsì o! Bí ara yín ò bá yá, ẹ fọkàn balẹ̀, aláàánú ni àwọn olùkọ́ wa.”

“Ẹ gbìyànjú” ti sọ òfin di ìmọ̀ràn. “Ẹ fọkàn balẹ̀” tún burú jù ú lọ, torí ó ṣèlérí ìyọ̀ǹda tí ojú ewé 12 kò mẹ́nu bà. Ọmọ tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á di ojú ewé 41 mú, ẹnikẹ́ni ò sì lè dá a lẹ́bi. Ní ti “olùdíje” yẹn, ọmọ tuntun mìíràn lè rò pé àwọn tó ń du ipò nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Ẹni tó fẹ́ tún irú ìwé báyìí ṣe á mú pẹ́ńsù, á sì bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan léèrè: bí akẹ́kọ̀ọ́ ò bá ṣe èyí, ṣé nǹkan kan á ṣẹlẹ̀ sí i? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òfin ni, ohùn yòówù kí wọ́n fi sọ ọ́, ibi tí òfin wà ni kó lọ. Bí kò bá sí nǹkan kan, ìmọ̀ràn ni, kí “gbọ́dọ̀” kúrò nínú rẹ̀. Àwọn ìwé kan wà tí wọ́n ń pariwo “gbọ́dọ̀” lórí omi mímu àti oorun sísùn, débi pé akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ èyí tó ní ìyà nínú mọ́.

Kó tó tún ohunkóhun kọ, ó yẹ kó fi wé ohun tí Sẹ́nétì fọwọ́ sí, nítorí òun kọ́ ló ni òfin. Ní ti àìsàn yẹn, ṣe ni á kọ̀wé béèrè lọ́dọ̀ rẹ́jísítírà: ṣé wọ́n ń yọ̀ǹda aláìsàn, ta ló sì ń gba ìwé dókítà? Títí tí èsì á fi dé, kó yọ gbólóhùn náà kúrò. Ká ní èsì dé pé wọ́n ń yọ̀ǹda, ohun tí a lè kọ nìyí:

“Kí o tó lè ṣe ìdánwò iṣẹ́ kan, o gbọ́dọ̀ ti wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 28, ìgbà 21 nìyẹn, ó kéré tán. Bí àìsàn bá dí ọ lọ́wọ́, mú ìwé ilé ìwòsàn fásitì lọ bá olórí ẹ̀ka rẹ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sẹ̀mẹ́sítà náà tó parí.”

Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dojú kọ, òfin náà ò sì rọ̀ rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbà kan gbà pé òfin tó bá yéni kò ní lágbára mọ́. N kò tíì rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ibi tí n kò ti lè fàyè gba àwàdà rárá ni ti ìgbìmọ̀ ìbáwí. Lọ́dún 1986, nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé lílé tí wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, torí wọn ò gbọ́ tẹnu wọn bó ṣe tọ́. Igbákejì gíwá tó ṣe alága ìgbìmọ̀ wà lára àwọn tí rògbòdìyàn náà kàn. Ìwé tó bá wá kọ ọ́ pé “bí wọ́n bá pè ọ́, tètè lọ bẹ̀bẹ̀” ti sọ ẹ̀tọ́ di ẹ̀bẹ̀. Kí ó sọ bí wọ́n ṣe máa fi ẹ̀sùn tó o létí, ọjọ́ mélòó lo ní láti fèsì, àti ẹlẹ́rìí tó o lè mú wá.

Lẹ́tà ìkíni gíwá lè máa dápàárá lọ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí òfin tó fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Tí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n gbé ìwé náà fún ọmọ ọdún kìíní kan, kí wọ́n bi í pé: ẹni tó wá sí 20 nínú kíláàsì 28, ṣé á ṣe ìdánwò? Bó bá ń ti ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn kó tó dáhùn, kí wọ́n padà sórí iṣẹ́.