Ìwé Ìfiṣẹ́sílẹ̀ Tí Kò Ní Ba Ojú Jẹ́

Olùkọ́ kan ní Ìbàdàn fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Abẹ́òkúta. Ohun tó kọ́kọ́ kọ sí ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ nìyí: “Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ wípé mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. A ń kó lọ, owó oṣù yín ò sì tó wọkọ̀. Kí ẹ tètè wá ẹlòmíràn.”

Òótọ́ lọ̀rọ̀ owó yẹn lè jẹ́, ṣùgbọ́n inú fáìlì ni ìwé yìí máa wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀gá á ti wò ó nígbà tí ilé-ìwé tuntun bá béèrè irú ẹni tí olùkọ́ náà jẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Àṣẹ ni gbólóhùn ìkẹyìn ń pa fún ọ̀gá; ìrànlọ́wọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀. “Mi ò” dára lẹ́nu, “n kò” là ń kọ. “Pé” sì tó, kò nílò “wí” níwájú. Àṣìṣe tó burú jù ni pé kò sí ọjọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ rèé: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, mo fi ìwé yìí sọ fún yín pé n ó fi iṣẹ́ olùkọ́ kíláàsì kẹrin sílẹ̀ ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, nítorí pé ìdílé mi ń kó lọ sí Abẹ́òkúta. Kí n tó lọ, n ó fa rẹ́jísítà àti máàkì àwọn ọmọ lé ẹni tí ẹ bá yàn lọ́wọ́. Ẹ ṣeun fún àǹfààní tí ẹ fún mi.”

Kó tó fi ọjọ́ yẹn síbẹ̀, kó yẹ ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ wò: bó bá ní kó sọ fún wọn ní oṣù kan ṣáájú, ìwé náà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọ̀gá kí oṣù Keje tó wọlé.