Ẹ Kọ́kọ́ Lé Epo, Kí Aṣọ Tó Wọ Ẹ̀rọ

Bí ọbẹ̀ bá ta sí aṣọ funfun lóde ìnáwó, omi ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré wá. Ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa tó wà nínú epo àti èyí tó wà nínú tòmátò kì í yòrò nínú omi. Inú epo ni wọ́n ti ń yòrò, ibi tí epo bá sì sá sí ni wọ́n ń bá a lọ. Nítorí náà, epo la ó kọ́kọ́ lé, ká tó kọjú sí àwọ̀.

Ká sọ pé ọbẹ̀ ẹ̀kún síbí kan dà sí àyà bùbá òwú funfun. Ẹ fi etí síbí kó ọbẹ̀ náà kúrò, láti etí àbàwọ́n wá sí àárín, kó má baà tàn. Ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ títí tíṣù kò fi ní fa epo mọ́. Bí pọ́dà bá wà nítòsí, ẹ bù ú sí i, kó fa epo mu fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n dànù.

Tí ẹ bá délé, kí omi tó kan aṣọ náà, ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sójú àbàwọ́n. Bí òwú bá ti mu omi yó, ọṣẹ á ti ṣàn kó tó rí epo mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ẹ̀rọ: omi púpọ̀ ti là ọṣẹ, kò lè ká epo tó dì jọ sójú kan. Ẹ fi ìka ra ọṣẹ náà wọlé, tinú tẹ̀yìn, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i láti ẹ̀yìn aṣọ, kí epo lè gba ọ̀nà tó bá wọlé jáde. Ẹ má lo omi tútù: epo tó ń dì nínú ìgò nígbà ọyẹ́ á dì sára òwú náà.

Aṣọ tútù máa ń fi epo pamọ́. Ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ wá nà án sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tí epo bá kù sí, ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá ju ibòmíràn lọ. Ẹ tún ọṣẹ kán sí i. Bó bá jẹ́ àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú nìkan ló kù, epo ti lọ nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn gan-an, nítorí oòrùn máa ń pa àwọ̀ yìí. Àmọ́ òwú funfun ni mò ń sọ o. Oòrùn kan náà á ṣá aró àdìrẹ.

Ẹ má lọ aṣọ náà, ẹ má sì fi í sínú ẹ̀rọ agbẹṣọ títí epo yóò fi tán, torí iná máa ń mú epo dì mọ́ òwú. Àbàwọ́n tí áyọ́ọ̀nù ti kọjá lórí rẹ̀ lè gba ọṣẹ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì lè jẹ́ pé ojú ibẹ̀ kò ní padà funfun tán.