Ọmọ Kajú Inú Ọ̀rá: Ìwọ̀n Rẹ̀, Oòrùn àti Omi Tó Ń Fẹ́, àti Bó Ṣe Yẹ Kó Rí Nígbà Tó Bá Dé

Ìwé ìlàlóye yìí wà fún àwọn àgbẹ̀ Kambolé, Tchamba àti Sokodé tí wọ́n ń ra ọmọ kajú.

Ìwọ̀n
Ọmọ kajú tó tó lọ́ sóko ti lo nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta nínú ọ̀rá, gíga rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 25 sí 40, ewé rẹ̀ sì dán. Èyí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ kò dára jù ú lọ, nítorí olórí gbòǹgbò kajú, ìyẹn gbòǹgbò kan ṣoṣo tó máa ń wọlẹ̀ tààrà, yóò ti kan ìsàlẹ̀ ọ̀rá, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká.

Oòrùn àti omi
Abẹ́ ìbòjì imọ̀ ọ̀pẹ ni ọmọ kajú ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùtọ́jú ọ̀gbìn máa ṣí ìbòjì náà díẹ̀díẹ̀ kó tó tà á, nítorí pé lóko, oòrùn gangan ló ń fẹ́, èyí tó bá sì wà lábẹ́ igi mìíràn yóò ga fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìso tó. Nínú ọ̀rá, ó nílò omi lójoojúmọ́. Àmọ́ bí ọ̀rá kò bá ní ihò nísàlẹ̀, omi yóò dúró, gbòǹgbò yóò sì jẹrà. Oṣù kẹfà sí ìkeje, nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀, ni àkókò lílọ́ ọ.

Nígbà tó bá dé
Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà máa ń gbẹ ewé, nítorí náà kò yẹ kí àgbẹ̀ kọ ọ̀gbìn tí ewé rẹ̀ rọ tàbí tí ewé ìsàlẹ̀ kan tàbí méjì pọ́n. Kó gbé e síbòjì, kó bomi rin ín, kó sì dúró fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Èyí tó yẹ kó kọ̀ ni èyí tí erùpẹ̀ rẹ̀ ti fọ́ nínú ọ̀rá, tí ìdí rẹ̀ sì ń mì, torí pé àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ti já, àti èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti ká, torí pé kò ní ta wọlẹ̀ dáadáa mọ́, atẹ́gùn sì lè wó o tó bá dàgbà.

Bí ó bá jẹ́ alásopọ̀, ìyẹn èyí tí a so ẹ̀ka igi tó ń so dáadáa mọ́ ìdí ọ̀gbìn mìíràn, kí ojú ìsopọ̀ ti jinná. Bí apá òkè bá ti gbẹ, tí ọ̀mùnú sì ń yọ nísàlẹ̀ ìsopọ̀, ìsopọ̀ náà ti kùnà.

Àpẹẹrẹ
Oko hẹ́kítà kan, tí àlàfo igi sí igi jẹ́ mítà 10, gba 100 ọ̀gbìn. Bí àgbẹ̀ bá gba 110, tí erùpẹ̀ 6 fọ́, tí ewé 12 sì rọ, yóò dá 6 náà padà, yóò gbé 12 síbòjì, yóò sì lọ́ 92 tó kù. Nínú 12 náà, 8 tó bá kọ́kọ́ sọjí ni yóò fi parí oko, àwọn tó kù yóò sì wà nínú ọ̀rá láti fi dípò èyíkéyìí tó bá kú kí òjò tó dáwọ́ dúró.