Ilẹ̀gbóná Ìgbà Èwe Tó Ń Padà Wá Lọ́jọ́ Alẹ́

Ní 1947, Edgar Hope-Simpson, dókítà kan tó ń tọ́jú àwọn ará Cirencester, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó bá gbé àìsàn kan báyìí wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìléròrò olómi ni, tó máa ń sú jọ ní apá kan ara, tó sì ń ta ni bí iná. Ṣíńgúlùsì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Odindi ọdún 16 ló fi ṣe àkọsílẹ̀ yìí, láàárín àwọn ènìyàn bí 3,500 tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ó sì rí aláìsàn 192.

Nígbà tó to gbogbo wọn jọ, ohun méjì hàn kedere. Èkíní ni pé bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i: ó ṣọ̀wọ́n lára ọmọdé, àgbàlagbà ló ń bá fínra jù. Èkejì ni pé kì í ràn ká bí àìsàn tí ẹnìkan kó fún ẹnìkejì. Ṣíkìnpọ́ọ̀sì, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní ilẹ̀gbóná, máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé ní àsìkò kan, kó sì rọlẹ̀. Ṣíńgúlùsì kò ní àsìkò. Bó bá mú ẹnìkan lónìí, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn ládùúgbò tó ní in.

Nígbà yẹn, wọ́n ti mọ̀ pé àìsàn méjèèjì bá ara wọn tan. Ní àwọn ọdún 1950, Thomas Weller, onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ti fa omi inú ìléròrò àwọn méjèèjì, ó sì rí i pé fáírọ́ọ̀sì kan náà ló wà nínú wọn. Ìbéèrè tó kù ni pé, níbo ni àgbàlagbà ti kó o, nígbà tí kò sí aláìsàn kankan nítòsí rẹ̀? Ní 1965, Hope-Simpson dáhùn pé kò kó o níbì kankan. Ara rẹ̀ ló ti wà láti ìgbà ọmọdé. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé e fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí wọ́n rí àmì fáírọ́ọ̀sì náà nínú iṣan àwọn òkú tí wọ́n yẹ̀ wò.

Bó ṣe ń débẹ̀ nìyí. Nígbà tí ilẹ̀gbóná bá ń ṣe ọmọdé, tí ara rẹ̀ sú pátápátá, fáírọ́ọ̀sì náà máa ń wọ ẹnu àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń jẹ́ kí awọ ara mọ ooru, òtútù àti ìrora. Inú iṣan yìí ló máa ń gbà lọ sókè títí yóò fi dé kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, níbi tí sẹ́ẹ̀lì àwọn iṣan náà kóra jọ sí. Ti ojú ní kókó tirẹ̀ nínú orí. Ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, èépá ti gbẹ, ọmọ ti padà síléèwé, ẹnu gbogbo ilé sì kún fún ọpẹ́ pé ó ti lọ. Ara ti lé e kúrò lójú awọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú kókó iṣan ló sá lọ. Kì í bímọ níbẹ̀, kì í pa sẹ́ẹ̀lì tó gbà á sílé, kò sì sí ìrora tí yóò tú u fó. Àwọn ọmọ ogun ara tó ti dá a mọ̀ ni kì í jẹ́ kó gbérí.

Ọjọ́ orí máa ń dín agbára àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí kù, bí ẹni náà ò tilẹ̀ ṣàìsàn kankan. Àrùn jẹjẹrẹ àti oògùn rẹ̀, kòkòrò HIV, àti oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, tún lè dín in kù. Ní Amẹ́ríkà, ìṣirò fi hàn pé nínú ẹni mẹ́ta, ó lé díẹ̀ tàbí ó dín díẹ̀, ṣíńgúlùsì yóò ṣe ẹnìkan kó tó kú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó jẹ́ ẹni ọdún 68 ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó o lábẹ́ ọmú. Kò sí nǹkan kan lójú awọ, síbẹ̀ bí aṣọ bá kàn án, yóò dún un. Ó rò pé ẹrù wíwúwo tó gbé ni, ó sì fi róòbù ra á. Ní Ọjọ́rú, ibẹ̀ pọ́n. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́bọ̀, ìléròrò kéékèèké ti sú láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, bí ọ̀já tí wọ́n dì dé ìdajì. Ó dé àárín àyà, ó dúró. Ẹyọ kan kò sí lápá òsì.

Ohun tí Hope-Simpson sọ ló ṣàlàyé gbogbo èyí. Kókó iṣan kan ṣoṣo ni fáírọ́ọ̀sì ti jí, apá kan ara ló sì ń bójú tó. Ìrora ló ṣíwájú nítorí inú iṣan ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, kí fáírọ́ọ̀sì tó sọ̀ kalẹ̀ dé awọ. Kòkòrò tó tọ̀ síni lára kì í ṣe báyìí, àsàsí kọ́ sì ni.

Ọjọ́ Ọjọ́rú yẹn, tí ara pọ́n, ni kí ìyá wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí. Oògùn tó ń dí fáírọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́, asáíkílófíà, máa ń ṣiṣẹ́ jù bí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72 tí ara ti sú. Ohun tí dókítà sábà máa ń kọ fún àgbàlagbà ni 800 mílígíráàmù, lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, fún ọjọ́ 7. Bí kíndìnrín bá ní ìṣòro, yóò dín in kù. Ampisílíìnì àti irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Fífi àgúnmu tàbí epo kun ojú egbò sì lè mú kó kẹ̀.

Ohun tó yẹ ká sáré fún jù ni ti ojú. Bí ìléròrò bá yọ níwájú orí, pàápàá tó bá dé ṣóńṣó imú, iṣan tó dé ṣóńṣó imú tún dé ẹyinjú, ó sì lè fọ́ ojú. Ilé ìwòsàn ni kó kọjá sí lọ́jọ́ náà. Bó bá yọ nínú etí, ó lè mú kí ẹnu wọ́.

Lára àwọn ẹlòmíràn, ìléròrò á gbẹ, ṣùgbọ́n ìrora kò ní lọ fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọdún, nítorí iṣan ti bàjẹ́. Àgbàlagbà ni èyí ń ṣe jù. Parasitamọ́ọ̀lù nìkan kì í sábà ká a. Dókítà ní àwọn oògùn mìíràn tó ń mú iṣan rọlẹ̀.

Ẹni tó ní ṣíńgúlùsì kò lè kó ṣíńgúlùsì ran ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n omi ìléròrò rẹ̀ lè fún ẹni tí kò ṣe ilẹ̀gbóná rí ní ilẹ̀gbóná. Nítorí náà, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi sé èépá, kí ó fi aṣọ bo ojú ibẹ̀, kí aboyún tí kò ṣe é rí àti ọmọ tuntun sì jìnnà sí i.

Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló mú, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò HIV. Kì í ṣe pé gbogbo ọ̀dọ́ tó ní i ló ní HIV, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà, ṣíńgúlùsì ni àmì àkọ́kọ́ tó fi hàn pé ọmọ ogun ara ti ń rẹ̀, oògùn HIV sì wà.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gún èyí tó jẹ́ tuntun, pẹ̀lú àlàfo oṣù 2 sí 6. Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe fún àwọn ẹni ọdún 50 sókè, ó dáàbò bo ẹni tó lé ní 90 nínú 100. Kò ní fáírọ́ọ̀sì alààyè nínú, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára lè gbà á. Nàìjíríà kò tíì kà á mọ́ àjẹsára ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ní Bìrìtìkó ìjọba ń fún àwọn tó bá pé ẹni ọdún 65 àti àwọn tó wà láàárín ọdún 70 sí 79 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ní ìyá tàbí bàbá lọ́hùn-ún, kó bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbà á. Èyí tó sì ní òbí nílé níbí, tó gbọ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ara ń jó wọn láìsí egbò, kó máa wo ibẹ̀ lójoojúmọ́ kí wákàtí 72 náà má bàa kọjá.