Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Rìsíìtì Owó Tó Wá Láti Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ará wa tí omíyalé lé kúrò nílé, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń retí owó lọ́dọ̀ ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí owó bá dé, àríyànjiyàn lè bẹ̀rẹ̀: ẹni tó fi ránṣẹ́ á ní owó tóun san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó gbà á á ní ohun tóun rí nìyẹn. Rìsíìtì ló máa là á. Ẹ ní kí ẹni yín ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó lọ gbowó.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ọmọ yín san dọ́là 105. Iye yìí ni rìsíìtì pè ní "Total". Nínú rẹ̀, dọ́là 5 ni owó iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà, èyí tí wọ́n kọ "Transfer Fees" sí. Ó ku dọ́là 100, ìyẹn "Transfer Amount". Níwájú "Exchange Rate", wọ́n kọ pé náírà 1,400 ni dọ́là kan. Dọ́là 100 yẹn nìkan la ó fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe 105. Ó jẹ́ náírà 140,000. Iye yìí ló gbọ́dọ̀ wà níwájú "Total to Recipient", òun náà ló sì yẹ kó tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Bí ẹni tó ń sanwó bá wá ka 138,000 fún yín, 2,000 ló dín. Ẹ ka owó kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Bó bá ní owó iṣẹ́ lòun yọ, ẹ fi hàn án pé ọmọ yín ti san ìyẹn lọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ inú àkáǹtì lowó wọlé sí, ẹ bi báǹkì léèrè ohun tí wọ́n yọ, nítorí báǹkì lè yọ owó tirẹ̀ tí kò sí nínú rìsíìtì.

Ibòmíràn wà tí owó ń gbà dín láìsí ẹni tó mọ̀. Iléeṣẹ́ kan lè sọ pé àwọn kì í gba owó iṣẹ́ rárá, àmọ́ kó ṣẹ́ dọ́là kan ní náírà 1,320. Dọ́là 105 kan náà á wá di 138,600, ó sì kéré sí 140,000. Nítorí náà, kí ẹni yín máa fi iye náírà tó máa dé ọwọ́ yín wé ara wọn, kì í ṣe owó iṣẹ́ nìkan.

Bí owó bá dín láìnídìí, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló máa fi ẹjọ́ sun iléeṣẹ́ náà. Òfin Amẹ́ríkà fún un ní ọjọ́ 180, tí a ó kà láti ọjọ́ tí rìsíìtì sọ pé owó máa wà ní gbígbà. Ẹ má ṣe ju rìsíìtì náà nù.