Gbólóhùn tí a ti túmọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣé a tún máa túmọ̀ rẹ̀ ni?

Ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòyí tó ń ta jẹnẹrétọ̀ ní kí n túmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ wọn sí Yorùbá. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀dà tuntun wá. Ẹ́ńjìnì ti tóbi sí i, àmọ́ ọ̀pọ̀ gbólóhùn inú ìwé náà ò yí padà rárá. Mi ò tún wọn túmọ̀. OmegaT, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí mò ń lò, ti tọ́jú iṣẹ́ àkọ́kọ́ sínú fáìlì `project_save.tmx`: gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni ìrántí ìtumọ̀. Mo kó fáìlì náà sínú fódà `tm` ti iṣẹ́ tuntun. Bí mo bá ti dé orí gbólóhùn tó ti wà nílẹ̀, ìtumọ̀ àtijọ́ á yọjú.

Ibi tí wàhálà wà ni bí kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ ibi tí gbólóhùn parí sí. Àmì ló ń wò, kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ. Tó bá ti rí àmì ìdánudúró tí àlàfo tẹ̀ lé, á gé e síbẹ̀. Wo èyí:

```
Fill with oil, max. 0.6 L.
```

Àmì inú `0.6` ò dá nǹkan kan rú, torí kò sí àlàfo lẹ́yìn rẹ̀. Ti `max.` ni ìṣòro: ègé kan á parí síbẹ̀, `0.6 L.` á wá dá dúró bíi gbólóhùn mìíràn. Ohun tí mo sì fẹ́ kọ ni "Rọ ọ́ìlì sí i, kó má ju 0.6 L lọ." Nọ́ńbà wà láàárín "ju" àti "lọ", báwo ni mo ṣe fẹ́ pín in sí méjì? Mo fi òfin àyàfi kan sí òkè òfin gígé tó wà tẹ́lẹ̀, pé kó má gé nǹkan lẹ́yìn `max.`:

```
Pattern Before:  [Mm]ax\.
Pattern After:   \s
```

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kí o ṣe é o. Tó o bá yí òfin padà lẹ́yìn náà, ègé àtijọ́ ló wà nínú ìrántí, ègé tuntun ò sì ní bá a mu mọ́.

Nínú ẹ̀dà tuntun, 0.6 ti di 1.1. Sọ́fítíwíà á gbé ìtumọ̀ àtijọ́ wá pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, 0.6 ṣì wà nínú rẹ̀. Tó o bá kàn gbà á bẹ́ẹ̀, ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ á rọ ọ́ìlì tí ò tó, ẹ́ńjìnì lè nọ́ọ̀kì. Nọ́ńbà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n tó wo ọ̀rọ̀. Tí mo bá parí, mo tún máa ń wá `0.6` nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Èyí tó bára mu pátápátá náà lè tanni jẹ. `Replace it.` wà níbi méjì nínú ìwé náà. Níbi ìdérí táńkì, "Dé e padà" ni. Níbi púlọ́ọ̀gì tó ti bàjẹ́, "Fi tuntun rọ́pò rẹ̀" ni. Ìrántí ò mọ̀yàtọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa fi sí méjèèjì. `Create Alternative Translation` ni mo fi ń fún ibì kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń kó fáìlì àtijọ́ sínú `tm/auto`, níbi tí ìtumọ̀ ti ń wọlé fúnra rẹ̀ láìdúró dè mí. Gbólóhùn kúkúrú tó bá ti ní `it` nínú, mo máa ń ka èyí tó ṣáájú rẹ̀ kí n tó gbà á.