Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Ẹni Tó Dá Ara Rẹ̀ Kọ́ Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní àdírẹ́sì méjì, tiwa lápá ọ̀tún, ti ọ̀gá lápá òsì. Lẹ́yìn èyí ni a ó to orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a lọ àti ìwé-ẹ̀rí tí a gbà, a ó sì fi ìlérí kádìí rẹ̀ pé a ó ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tí ìwé-ẹ̀rí lè gbẹnu sọ fún. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀dọ́ tí kò lọ sí yunifásítì, tó jókòó sínú yàrá kan ní Mowe tàbí Ibafo, tó fi kọ̀ǹpútà àlòkù kọ́ ara rẹ̀ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, yóò kọ sínú tirẹ̀?

Ìbéèrè náà le ju bí ó ti le tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Andela bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọ̀dọ́ ní Èkó, ó ń kọ́ wọn níṣẹ́, ó sì ń san owó fún wọn. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ náà dá ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ iṣẹ́ dúró, nítorí pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń béèrè fún. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò 3MTT kalẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn ń pọ̀ sí i, ilẹ̀kùn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò sì gbòòrò. Ẹni tó ń ka lẹ́tà kò ráyè gbé ọ̀kan wò títí. Ohun méjì ló ń wá: ǹjẹ́ ẹni yìí ti parí iṣẹ́ kan rí? Bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, ǹjẹ́ ó lè mọ ibi tó ti bàjẹ́?

Ẹ jẹ́ kí á fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún 23 ni, Mowe ló ń gbé, alájọ sì ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ló ní láti fi hàn: ẹ̀rọ ìṣirò tó wò kọ nínú ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú-ìwé kan tó fi sọ nípa ara rẹ̀, àti ìwé àjọ tó kọ sórí fóònù fún ìyá rẹ̀. Lẹ́tà tó kọ́kọ́ kọ bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lọ sí yunifásítì, mo mọ HTML, CSS, JavaScript, Python àti React, mo sì máa ń tètè mọ nǹkan.”

Ẹ wo ohun tí gbólóhùn yìí ṣe. Ó tọrọ àforíjì kí ẹnikẹ́ni tó bá a wí. Ó to orúkọ márùn-ún láìsí ẹ̀rí ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá lè mú èyí tí kò mọ̀ dáadáa nínú wọn kó fi bi í ní ìbéèrè. Èyí tó burú jù ni pé kò mẹ́nu kan ìwé àjọ náà rárá, nítorí ó rò pé ó kéré.

Bẹ́ẹ̀, inú ìwé àjọ yẹn ni ìtàn wà. Ní ọjọ́ kìíní, oníbàárà kan dá ₦500, ètò náà sì kọ ₦500. Ní ọjọ́ kejì, ó tún dá ₦500, ṣùgbọ́n àpapọ̀ owó tó hàn lójú fóònù jẹ́ ₦500,500. Ìyá rẹ̀ pariwo pé, “Ọmọ mi, ta ni yóò san owó yìí?” Ọmọ náà wá ìdí rẹ̀ títí, ó sì rí i. Ohunkóhun tí a bá tẹ̀ sínú àpótí lójú ìwé ayélujára, ọ̀rọ̀ ni JavaScript kà á sí, kódà bó jẹ́ iye owó. Bí a bá sì ro ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ńṣe ni yóò lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn. A ní láti kọ́kọ́ sọ wọ́n di iye:

```
"500" + "500"                  // "500500"
Number("500") + Number("500")  // 1000
```

Ìlà kan péré ló tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìlà yẹn fi hàn pé ọmọ náà lè wá ìdí ìṣòro. Nítorí náà, lẹ́tà kejì fi iṣẹ́ ṣáájú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ń béèrè fún iṣẹ́ júníọ̀ dẹfẹ́lọ́pà tí ẹ polówó. Alájọ ni ìyá mi ní Mowe. Mo fi JavaScript kọ ìwé àjọ sórí fóònù fún wọn, wọ́n sì ti ń lò ó fún oníbàárà 38 láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

“Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ètò náà sọ ₦500 méjì di ₦500,500. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ló ka owó sí, mo sì tún un ṣe. Láti ìgbà náà, alaalẹ́ ni mo ń fi ìwé tí ìyá mi ń fọwọ́ kọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àléébù méjì ṣì wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ 1,000 pẹ̀lú kọ́mà, NaN ni yóò hàn dípò iye. Inú fóònù kan ṣoṣo sì ni àkọsílẹ̀ wà. Bí fóònù bá sọnù, ó lọ nìyẹn.

“Oṣù 14 ni mo ti fi kọ́ ara mi. Mo lè dá fi JavaScript ṣiṣẹ́. React ni mò ń kọ́ lọ́wọ́. Mo lè wá sí ọ́fíìsì yín ní Yaba ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ láti Mowe. Líǹkì iṣẹ́ náà àti ti kóòdù rẹ̀ wà nísàlẹ̀.”

Lẹ́tà náà kò gùn, kò sì ní àdírẹ́sì méjì, nítorí ímeèlì ni. Kò mẹ́nu kan ẹ̀rọ ìṣirò, nítorí ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti wò kọ kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó kọ ọ́. Ó sọ nípa Mowe fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀gá tó mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn yóò ti máa ro ó. Àléébù tó sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ kò bu iyì rẹ̀ kù. Ó fi hàn pé ó ti yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò.

Kí ó tó fi ránṣẹ́, ohun méjì ló kù. Kí ó ṣí líǹkì méjèèjì lórí fóònù ẹlòmíràn tí kò fi orúkọ rẹ̀ wọlé sí GitHub, nítorí líǹkì tó ń ṣí fún ẹni tó ni ín lè má ṣí fún àlejò. Kí ó sì rí i dájú pé kò sí orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù oníbàárà ìyá rẹ̀ kankan nínú kóòdù tí gbogbo ayé lè rí. Orúkọ àròsọ ni kí ó fi rọ́pò wọn, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó gbé kóòdù náà síta, nítorí GitHub ń tọ́jú ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá: ohun tí a pa rẹ́ lónìí ṣì lè wà nínú ti àná.

Lẹ́tà kò lè gbani síṣẹ́. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló lè múni dé. Níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣí ìwé àjọ náà, kí wọ́n sì ní kó tún ọ̀ràn kọ́mà yẹn ṣe lójú wọn. Ẹni tó gba ẹlòmíràn láyè láti bá a kọ kóòdù rẹ̀ yóò dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ alájọ ti mọ ibi tí àléébù náà wà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà.